Nígbà tí Ìdọ́gba Ìyípadà Kò Ní Ojútùú, Tàbí Tí Ó Ní Ju Ẹyọ Kan Lọ: Àlàyé Láti Inú Àgbá Omi

Ìfáárà

Nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, irú ìdọ́gba kan wà tí kì í sọ iye tí nǹkan jẹ́, bí kò ṣe bí nǹkan náà ṣe ń yí padà. Ìdọ́gba ìyípadà ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é. Bí ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ bá mẹ́nu ba ìyára ìyípadà nìkan, tí kò sọ nǹkan kan nípa bí ìyára náà fúnra rẹ̀ ṣe ń yí padà, onípele kìn-ín-ní ni. Ẹ jẹ́ kí y dúró fún gíga omi inú àgbá, kí t sì dúró fún àkókò. Àmì y′ ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò fún ìyára tí gíga omi náà fi ń yí padà. Bí omi bá ń lọ sókè, y′ ju òdo lọ. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀, y′ kéré sí òdo. Bí ó bá sì dúró sójú kan, òdo ni y′.

Ìdọ́gba ìyípadà nìkan kò tó láti sọ ibi tí omi wà. Ó dà bí ẹni tí ó ń júwe ọ̀nà fún àlejò, tí ó sọ apá ibi tí àlejò náà yóò kọjú sí ní gbogbo oríta tí ó bá dé, ṣùgbọ́n tí kò sọ ibi tí yóò ti gbéra. Ìdí nìyí tí a fi máa ń fi iye ìbẹ̀rẹ̀ tì í. Bí a bá kọ ọ́ pé y(0) = 100, ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò, gíga omi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100. Ìdọ́gba àti iye ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ papọ̀ ni ó di ìṣòro oníye-ìbẹ̀rẹ̀. Ojútùú rẹ̀ ni ìtàn gíga omi náà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú: ìtàn tí ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ní kí ó ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sì rú òfin ìdọ́gba náà nígbà kankan.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbà láìjanpata pé bí òfin bá ti wà, tí ibi ìbẹ̀rẹ̀ sì wà, ìtàn kan ṣoṣo ni yóò jáde. Kò yani lẹ́nu, nítorí àwọn ìbéèrè tí ó kún inú ìwé iṣẹ́ ni èyí tí àwọn olùkọ́ ti ṣà láti rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìṣòro mìíràn wà tí ìtàn wọn ju ẹyọ kan lọ, àwọn kan sì wà tí kò ní ìtàn kankan rárá. Irú wọn kì í ṣe ohun àjèjì tí a mọ̀ọ́mọ̀ hun láti dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé, nídìí àgbá omi.

Àgbá tí ó ń jò

Ní 1644 ni Evangelista Torricelli, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, tẹ ìwé kan jáde tí ó ti ṣàlàyé bí omi ṣe ń tú jáde láti inú ihò tí ó wà nísàlẹ̀ ohun èlò. Ohun tí ó rí ni pé bí omi bá ṣe ga tó lókè ihò ni yóò ṣe yára tó ní jíjáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ìlọ́po kan náà. Bí gíga omi bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì péré ni ìyára rẹ̀ yóò jẹ́. Ìyẹn ni pé gbòǹgbò gíga omi ni ìyára náà ń tẹ̀ lé. Gbòǹgbò nọ́ńbà kan ni èyí tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò bí nọ́ńbà náà: gbòǹgbò 25 ni 5, gbòǹgbò 100 ni 10. Àmì rẹ̀ ni √.

Ẹ jẹ́ kí á mú àgbá kan tí ara rẹ̀ gún régé láti òkè dé ìsàlẹ̀. (Àmù kò ní dára fún àpẹẹrẹ yìí, nítorí ikùn rẹ̀ tí ó yọ síta yóò yí ìdọ́gba náà padà.) Omi inú àgbá yìí ga ní sẹ̀ǹtímítà 100, ihò kékeré kan sì wà nídìí rẹ̀. Bí ihò náà bá tóbi níwọ̀n tí ó yẹ, ìdọ́gba rẹ̀ lè rí báyìí, bí a bá ń fi ìṣẹ́jú ka àkókò:

y′ = −√y,  y(0) = 100

Àmì òdì tí ó ṣáájú gbòǹgbò náà ń sọ pé omi ń dín kù ni. Ojútùú rẹ̀ kò le:

y = (10 − t/2)²

Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí i pé ìyára ìyípadà (10 − t/2)² jẹ́ −(10 − t/2), èyí sì ni −√y gẹ́lẹ́. Nígbà tí t jẹ́ 0, gíga omi jẹ́ 100. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ó ti di 25. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ó di òdo, àgbá gbẹ. Láti ìgbà náà lọ, òdo ni y ń jẹ́ títí, nítorí kò sí omi mọ́ tí yóò jò. Òdo tí ó dúró sójú kan yìí kò rú òfin: ìyára rẹ̀ jẹ́ òdo, gbòǹgbò òdo náà sì jẹ́ òdo.

Títí dé ibí yìí, gbogbo nǹkan lọ déédéé. Ẹni tí ó bá mọ gíga omi lónìí lè sọ ìgbà tí àgbá yóò gbẹ, ìdáhùn kan ṣoṣo ni yóò sì rí.

Àgbá tí a bá ní òfìfo

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á yí ìbéèrè náà padà. Ayálégbé méjì ni ó ni àgbá náà. Ọ̀kan ti ìrìn àjò dé, ó bá àgbá lófìfo, ó sì fẹ́ mọ ìgbà tí omi tán, nítorí bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí èkejì rẹ̀ wà nílé ni, ó yẹ kí ó ti fi nǹkan dí ihò náà. Èkejì ní kò tíì pẹ́ tí omi náà tán. Ẹni àkọ́kọ́ ní ó ti pẹ́. Ǹjẹ́ ìdọ́gba Torricelli lè là wọ́n níjà?

Bí a bá fi ìgbà tí wọ́n dúró ti àgbá náà ṣe òdo àkókò, ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ ni èyí:

y′ = −√y,  y(0) = 0

pẹ̀lú pé ẹ̀yìn ni a ń wò, kì í ṣe iwájú. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé omi tán ní ìṣẹ́jú 5 sẹ́yìn. Ìtàn náà yóò jẹ́ pé ṣáájú ìgbà náà, y = ((−5 − t)/2)², láti ìgbà náà wá, y = 0. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìtàn yìí kò rú ìdọ́gba náà níbì kankan, ó sì fún wa ní y(0) = 0. Ẹ jẹ́ kí a tún sọ pé wákàtí kan gbáko ni omi ti tán. A ó fi 60 rọ́pò 5, ìtàn kejì náà yóò sì tọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Nọ́ńbà yòówù tí a bá fi síbẹ̀, òtítọ́ ni yóò jẹ́. Kódà, ìtàn tí ó ní omi kò fìgbà kan sí nínú àgbá náà rí, pé y = 0 láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tọ́ pẹ̀lú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà tí ó wọ inú àgbá òfìfo yìí kò ní òǹkà.

Nítorí náà, ìdọ́gba náà kò lè dá ẹjọ́ àwọn ayálégbé méjèèjì. Kì í ṣe pé ẹni tí ó ń ṣe ìṣirò kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí wọ́n béèrè kò sí nínú ohun tí wọ́n fún un ni. Bóyá ilẹ̀ abẹ́ àgbá ṣì tutù, bóyá ó ti gbẹ, lè sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí nínú ìdọ́gba.

Ó yẹ kí á ṣàkíyèsí pé apá kan ṣoṣo ni ọ̀nà náà ti pín. Láti inú àgbá tí ó kún, bí a bá ń wo iwájú, ojútùú kan ni ó wà. Láti inú àgbá tí ó gbẹ, bí a bá ń wo iwájú, ojútùú kan náà ni: yóò máa gbẹ lọ. Ẹ̀yìn nìkan ni ìtàn ti pọ̀. Bí ẹnìkan bá fi ẹ̀rọ ya àgbá náà bí ó ṣe ń jò, tí ó wá ń fi àwòrán náà hàn láti ìparí sí ìbẹ̀rẹ̀, ìdọ́gba náà yóò di y′ = √y, y(0) = 0, ẹ̀yìn yóò sì di iwájú. Ojútùú rẹ̀ lè jókòó sí òdo fún iye ìṣẹ́jú tí ó bá wù ú, kí ó tó dìde lójijì láìsí ẹni tí ó tì í. Irú èyí ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà sọ pé àgbá tí ń jò ni, tí a yí sódì.

Ewu kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà tàbí ọwọ́ ṣe ìṣirò náà ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ìlànà tí ó rọrùn jù ni pé kí á mú iye tí y jẹ́ báyìí, kí á sì fi ìyára rẹ̀ tí a ti sọdipúpọ̀ pẹ̀lú ìgbésẹ̀ àkókò kún un. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo pẹ̀lú y′ = √y, ìyára jẹ́ òdo, iye tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ òdo, èyí tí ó tún tẹ̀ lé e jẹ́ òdo, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìdáhùn náà tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni nínú ọ̀pọ̀, kò sì sí ohun tí yóò sọ fún oníṣirò pé àwọn yòókù wà. Ọ̀nà tí ó lè gbà fura ni pé kí ó yí iye ìbẹ̀rẹ̀ padà díẹ̀. Bí ó bá fi 0.000001 bẹ̀rẹ̀ dípò òdo, ìtàn náà yóò gbéra, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 yóò sì ti súnmọ́ 100. Kò sí bí a ṣe lè dín ìbẹ̀rẹ̀ náà kù tó tí òpin rẹ̀ yóò fi padà súnmọ́ òdo.

Ohun tí ó ń fa ìpínyà ọ̀nà

Kí ló dé tí èyí fi ṣẹlẹ̀ ní òdo, tí kò ṣẹlẹ̀ ní 25 tàbí 100? Ìdáhùn wà nínú bí omi náà ṣe dé òdo. Láti 100 dé 25, ìṣẹ́jú 10 ni. Láti 25 dé 6.25, tí í ṣe ìdá mẹ́rin rẹ̀, ìṣẹ́jú 5 ni. Láti ibẹ̀ dé ìdá mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú 2.5. Bí omi bá ti ń dín kù sí ìdá mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tí ó ń gbà ń dín kù sí ìlàjì. Bí ìdá mẹ́rin náà tilẹ̀ pọ̀ láìlópin, àpapọ̀ àkókò wọn, 10 + 5 + 2.5 + 1.25 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò ju 20 lọ. Omi náà dé òdo ní tòótọ́, àkókò tí ó sì fi dé ibẹ̀ ní òǹkà.

Ẹ fi èyí wé àgbá epo kan tí ó ki, tí ó ń jò gba inú ọ̀pá gígùn tí ihò rẹ̀ tín-ín-rín. Níbẹ̀, ìyára jíjò ń tẹ̀ lé gíga epo náà gan-an, kì í ṣe gbòǹgbò rẹ̀, ìdọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ y′ = −ky, níbi tí k jẹ́ nọ́ńbà kan tí kì í yí padà. Bí epo yìí bá fi ìṣẹ́jú 10 kúrò ní 100 dé 25, ìṣẹ́jú 10 mìíràn ni yóò fi dé 6.25, ìṣẹ́jú 10 mìíràn fún ìdá mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé e. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ní òpin. Gẹ́gẹ́ bí ìdọ́gba náà ti wí, epo náà kì í tán pátápátá láéláé. Ńṣe ni yóò máa súnmọ́ òdo. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé y(0) = 0 fún àgbá epo yìí, ìtàn kan ṣoṣo ni ó wà: kò sí epo níbẹ̀ rí. Ìyàtọ̀ àgbá méjèèjì kò ju àmì gbòǹgbò kan lọ.

Rudolf Lipschitz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi ìyàtọ̀ yìí sínú ìlànà kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ títí dòní. Àtẹ̀jáde rẹ̀ ti 1876 wà lára ibi tí ó ti sọ ọ́. Ohun tí ìlànà náà ń béèrè ni pé bí a bá mú gíga méjì, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìyára wọn kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po kan pàtó ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gíga méjèèjì. Ẹni tí ó bá mọ bí èlé ṣe ń gun owó yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Ká ní ìtàn méjì gbéra láti ibì kan náà. Ìyàtọ̀ àárín wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ òdo. Bí ìyára tí ìyàtọ̀ náà fi lè dàgbà kò bá lè ju ìlọ́po kan pàtó ìyàtọ̀ fúnra rẹ̀, ó dà bí gbèsè tí èlé rẹ̀ ní ìwọ̀n: èlé lórí owó tí kò sí kò lè di nǹkan kan. Ìyàtọ̀ náà yóò wà ní òdo, ìtàn méjèèjì yóò sì jẹ́ ọ̀kan.

Bí a bá gbé àgbá epo sórí òṣùwọ̀n yìí, k ni ìlọ́po náà, kò sì sí wàhálà. Ní ti àgbá omi, ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ṣe rí nítòsí òdo. Gbòǹgbò 0.01 ni 0.1, ìyẹn ìlọ́po 10 nọ́ńbà náà. Gbòǹgbò 0.0001 ni 0.01, ìyẹn ìlọ́po 100. Gbòǹgbò 0.000001 ni 0.001, ìyẹn ìlọ́po 1000. Bí owó ṣe ń kéré sí i ni èlé orí rẹ̀ ń wúwo sí i, kò sì sí ìlọ́po kan tí a lè dárúkọ tí yóò ká a. Ibẹ̀ ni ìtàn méjì ti lè pínyà láti ibi kan náà. Ní 25 tàbí ní 100, ìlọ́po kan wà tí ó tó, ìdí sì nìyí tí ọ̀nà kò fi pín níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan yẹ níhìn-ín. Ìlànà Lipschitz jẹ́ ẹ̀rí fún ojútùú kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ojútùú pọ̀. Ẹ wo y′ = 1 + √y, y(0) = 0, bí a bá ń wo iwájú. Gbòǹgbò náà wà níbẹ̀, ìlọ́po kan kò sì ká a ní òdo. Síbẹ̀ ojútùú kan ni ó ní, nítorí ìyára ní òdo jẹ́ 1. Kò sí ìtàn tí ó lè jókòó síbẹ̀ kí ó máa ro ìgbà tí yóò dìde. Ó di dandan fún gbogbo wọn láti gbéra lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ó da àgbá omi rú ni pé nǹkan méjì pàdé níbẹ̀: ìyára di òdo, ìlọ́po sì di aláìlópin.

Níbi tí kò ti sí ojútùú rárá

Giuseppe Peano, òun náà ọmọ ilẹ̀ Ítálì, fi ẹ̀rí hàn ní 1886, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1890, pé bí ìyára tí ìdọ́gba náà ń sọ kò bá fò láti iye kan sí òmíràn nítòsí ibi ìbẹ̀rẹ̀, ó kéré tán ojútùú kan yóò wà fún ìgbà díẹ̀. Kò ṣèlérí pé ẹyọ kan ni yóò jẹ́. Àgbá omi ti fi èyí hàn. Kí ojútùú tó lè di àwátì, nǹkan kan gbọ́dọ̀ já níbi kan.

Èyí tí ó rọrùn jù ni ìdọ́gba ty′ = 2y. Bí a bá sọ pé y(0) = 1, tí a wá fi òdo sí ipò t, apá òsì yóò di òdo, apá ọ̀tún yóò di 2. Òdo kì í ṣe 2, nítorí náà kò sí ìtàn kankan tí ó lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí a bá yí iye ìbẹ̀rẹ̀ padà sí y(0) = 0, ọ̀rọ̀ yóò dojú rú sí apá kejì: y = t², y = 7t², y = −3t², gbogbo wọn ni ojútùú. Ìdọ́gba kan náà, tí ó ń fi ebi pa ẹnìkan tí ó sì ń yó èkejì ní àyójù. Àṣírí rẹ̀ yóò tú bí a bá dá y′ dúró sí apá kan: y′ = 2y/t. Nígbà tí t jẹ́ òdo, a ń fi òdo pín nǹkan, ìyára kò sì ní ìtumọ̀. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ dá y′ dúró báyìí kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, nítorí bí ìdọ́gba náà bá wà ní ìrísí àkọ́kọ́, ibi tí ó ti já kì í tètè hàn.

Àpẹẹrẹ kejì ni ó sún mọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní táǹkì lórí òpó àti ẹ̀rọ tí ń fa omi sínú rẹ̀. Ohun kan máa ń léfòó lórí omi inú táǹkì náà tí ó ń tan ẹ̀rọ nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀, tí ó sì ń pa á nígbà tí ó bá dé àmì. Ká ní àmì kan ṣoṣo ni ó wà, kí á sì máa wọn y láti ibi àmì náà: òkè rẹ̀ ju òdo lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré sí òdo. Nígbà tí omi bá wà ní àmì tàbí lókè rẹ̀, ẹ̀rọ ti kú, àwọn ará ilé sì ń lo omi tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá wà nísàlẹ̀ àmì, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, omi sì ń gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan bí wọ́n tilẹ̀ ń lò ó lọ́wọ́.

y′ = −1 bí y ≥ 0;  y′ = 1 bí y < 0;  y(0) = 0

Ibo ni omi yóò wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan? Kò lè wà ní àmì náà títí, nítorí ẹni tí ó dúró sójú kan ní ìyára òdo, òfin sì ní −1 ni ìyára níbẹ̀. Kò lè wà lókè àmì: láti àmì dé òkè, ó gbọ́dọ̀ gòkè, bẹ́ẹ̀ lókè àmì sísọ̀ nìkan ni òfin fọwọ́ sí. Ǹjẹ́ ó lè wà nísàlẹ̀? Bí ó bá wà nísàlẹ̀ ní ìgbà kan, ẹ jẹ́ kí á wá ìgbà ìkẹyìn tí ó wà ní àmì ṣáájú ìgbà náà. Láti ìgbà ìkẹyìn yẹn wá, ìsàlẹ̀ ni ó ti wà ní gbogbo àkókò, òfin ìsàlẹ̀ sì ní kí ó máa gòkè. Ẹni tí ó gbéra láti àmì tí ó ń gòkè kò lè bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ àmì. Òkè kò gbà á, ìsàlẹ̀ kò gbà á, àárín kò gbà á. Kò sí ojútùú.

Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 3 lókè àmì, ojútùú wà fún ìṣẹ́jú 3 péré, ó sì parí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá dé àmì. Kí á má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ irú y′ = y², y(0) = 1, tí ojútùú rẹ̀ jẹ́ y = 1/(1 − t). Ìyẹn náà kò kọjá ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yàtọ̀. Òun ń sá lọ sókè láìlópin: ó jẹ́ 2 nígbà tí t jẹ́ 0.5, ó jẹ́ 10 nígbà tí t jẹ́ 0.9, ó jẹ́ 100 nígbà tí t jẹ́ 0.99. Táǹkì tiwa kò sá lọ síbì kankan. Ojú àmì gan-an ni ọ̀nà ti tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Bí a bá ṣe ìṣirò táǹkì náà ní ìgbésẹ̀ ìṣẹ́jú 0.1, nọ́ńbà tí yóò jáde ni 0, −0.1, 0, −0.1, 0, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Bí a bá dín ìgbésẹ̀ kù sí 0.01, yóò di 0, −0.01, 0, −0.01. Ẹni tí kò bá fura yóò ní nọ́ńbà náà ń súnmọ́ y = 0, kí ó sì kọ ìyẹn sílẹ̀ bí ojútùú. Ṣùgbọ́n y = 0 kò tẹ̀ lé òfin náà ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Àmì tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé bí ìgbésẹ̀ ti ń kéré, eyín ayùn náà ń kéré, ṣùgbọ́n ìyára ṣì ń fò láti −1 sí 1 bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò rọlẹ̀ rárá. Nínú ilé tí irú táǹkì bẹ́ẹ̀ bá wà, etí ni a ó fi gbọ́ ọ: ẹ̀rọ yóò máa tàn, yóò máa kú, láìdáwọ́ dúró, títí ohun tí ń tàn án yóò fi jóná.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbà yọ nínú èyí. A. F. Filippov, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní 1960, yí ìtumọ̀ ojútùú fúnra rẹ̀ padà: níbi tí ìyára bá ti fò láti −1 sí 1, ó gba ìyára yòówù tí ó bá wà láàárín méjèèjì láàyè. Pẹ̀lú ìtumọ̀ tuntun yìí, y = 0 di ojútùú, nítorí òdo wà láàárín −1 àti 1. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ kò yí ìtumọ̀ padà; táǹkì ni wọ́n yí padà. Wọ́n fi àmì méjì sí i, bí àpẹẹrẹ ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 1 lókè òdo, èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 1 nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó bá ti tàn kò ní kú títí omi yóò fi dé àmì òkè. Èyí tí ó bá ti kú kò ní tàn títí omi yóò fi dé àmì ìsàlẹ̀. Báyìí, omi yóò máa gòkè fún ìṣẹ́jú 2, yóò máa sọ̀ fún ìṣẹ́jú 2, ìtàn rẹ̀ yóò sì wà títí, àyàfi pé ìyára rẹ̀ ń yí padà lójijì ní ojú àmì kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà mú ìbéèrè tirẹ̀ wá. Bí a bá tún sọ pé y(0) = 0, omi wà láàárín àmì méjèèjì, ìtàn méjì ni ó sì bá ìbẹ̀rẹ̀ yìí mu: ọ̀kan ń gòkè, èkejì ń sọ̀. Gíga omi kò tó mọ́ bí iye ìbẹ̀rẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi kún un bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti kú ní ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé y(0) = 0, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, yóò rí ìtàn kan ṣoṣo: ìṣẹ́jú 1 sókè, ìṣẹ́jú 2 sísàlẹ̀, ìṣẹ́jú 2 sókè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.